Lẹ́tà ńlá nínú àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ bá mi wo ibi tí mo ti ṣì í

Ọmọ_Tákíè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lọ́dún tó kọjá, mo sì ń wá iṣẹ́ tíṣà kiri Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Pírínsípà wọn ní kí n padà wá nínú oṣù Karùn-ún. Mo wá fi fóònù tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí màmá tó ni ilé-ìwé náà, kí n lè mọ ọjọ́ tí mo máa wá. Ohun tí mo kọ nìyí, lẹ́tà kan péré ni mo fi bo orúkọ pírínsípà náà:

```
good morning ma, i am the one that came on tuesday.
the Principal mrs O. said i should come back in may.
can i come on sat 2nd may?
```

Èsì tó padà wá ni pé ẹni tí kò mọ ibi tí lẹ́tà ńlá ń wà kò lè kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta. Mo sunkún. Mo mọ òfin yìí tí mo bá dúró níwájú pátákó, mo tiẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí mo ń ṣe ìdánrawò. Àmọ́ tí mo bá ti di fóònù mú, ṣe ni ọwọ́ mi kàn máa ń sáré lọ. Tẹ́lẹ̀, fóònù máa ń bá mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo pa ètò yẹn nítorí pé ó ń ba Yorùbá mi jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè máa rí wọn kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ohun tí èmi ń ṣe rọrùn. Lẹ́tà ńlá ni mo fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé mo gbàgbé èyíkéyìí.

Bàbá Tíṣà
Ọmọ mi, nu ojú nù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn àgbà tó ń ṣe irú àṣìṣe yìí lórí fóònù kò lóǹkà. Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó o kọ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

`good` ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí G rẹ̀ tóbi. Gbólóhùn méjì yòókù, `the` àti `can` ló bẹ̀rẹ̀ wọn, bákan náà ni. Ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

`i` wà níbẹ̀ nígbà mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó tóbi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí kì í kéré níbikíbi, ìbáà wà láàárín gbólóhùn, ìbáà wà ní ìparí, ìbáà jẹ́ pé nǹkan mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn bíi `I'm`, `I'll` àti `I've`. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, `me`, `my`, `we`, `you`, lẹ́tà kékeré ni tiwọn àfi tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi máa ń sọ pé ìgbéraga ló mú kí àwọn Òyìnbó gbé ara wọn tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, `ic` ni wọ́n ń kọ. Nígbà tó yá, ìró ìkẹyìn já kúrò, ó wá ku lẹ́tà kan ṣoṣo. Àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ ìwé nígbà náà rí i pé igi kúkúrú tó dá dúró bẹ́ẹ̀ máa ń sọnù sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, wọ́n bá ń fà á gùn kí ojú lè rí i. Èyí wúlò fún ọ: kí o tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, má ka ọ̀rọ̀, kàn fi ojú wá igi kúkúrú tó dá dúró. Ojú á rí i kíákíá.

`tuesday` jẹ́ orúkọ ọjọ́, orúkọ sì ni bíi tìẹ. `mrs` náà gbọ́dọ̀ di `Mrs`, torí ó ń bá orúkọ ènìyàn rìn.

`Principal` ni ìwọ fúnra rẹ gbé tóbi, mo sì mọ ìdí rẹ̀: o fẹ́ bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà. Ṣùgbọ́n `the` ti ṣíwájú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lò ń sọ, kì í ṣe orúkọ tí à ń pè é. Kó kéré. Ká ní `Principal` náà ló lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, tí `the` kò sí níbẹ̀, á tóbi.

Ó wá ku `may` àti `sat`. Àwọn méjèèjì yìí ló le jù, màá padà sórí wọn.

Ìyá Aláṣọ Arówómọ́lé
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé torí owó ni kò jẹ́ kí ọmọ yẹn lo lẹ́tà ńlá? Èmi máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà mi pé aṣọ wọn ti parí, mo sì ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn wọ́n ń yọ owó méjì lórí ẹyọ kan. Mo rò pé lẹ́tà ńlá ló ń gba àyè jù. Láti ìgbà náà, kékeré ni mo ń lò.

Aláfóònù Sábó
Mọ̀ọ́mì, lẹ́tà ńlá fúnra rẹ̀ kì í jẹ owó. Àyè kan náà ni `M` àti `m` ń gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba 160 lẹ́tà, ìyẹn tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà tó wà nínú àkójọ àtijọ́ tí àwọn fóònù ń lò. Tí ẹyọ kan péré bá ti òde àkójọ náà wá, bíi ẹ, ọ tàbí ṣ, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn á yí padà, 70 lẹ́tà ni yóò kù. Bí ẹ bá kọ 90, ó ti di méjì nìyẹn. Àmì abẹ́ àti àmì ohùn ló dé bá yín, kì í ṣe ìtóbi.

Àmọ́ ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Ibì kan wà tí lẹ́tà ńlá ti ń fa ìnáwó. Àkójọ àtijọ́ yẹn ní à, è, ì, ò àti ù kéékèèké nínú, ṣùgbọ́n kò ní À, È, Ì, Ò àti Ù ńlá. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ìrọ̀lẹ́ láìfi àmì sábẹ́, tó kàn fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí ì, á ṣì wà nínú 160. Tó bá fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, tí ì di Ì, ó bọ́ sí 70. Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń tẹ ọ̀rọ̀, lórí ọ̀pọ̀ fóònù ẹ máa rí i tó ń já wálẹ̀ lójijì. Ti Wáàsáàpù kò kan èyí.

Ìyá Aláṣọ Arówómọ́lé
Ó ga o. Nítorí náà, mo lè máa kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi bó ṣe yẹ. Ọlọ́run á bù sí i fún yín.

Bàbá Tíṣà
Mo padà sórí `may`. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ oṣù Karùn-ún. Èkejì ni èyí tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu, ìró kan náà ni. Lórí ìwé, ìtóbi lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀:

```
I may come in May.
```

`March` náà rí bẹ́ẹ̀: oṣù Kẹta tí M bá tóbi, yíyan bíi ti sójà tí ó bá kéré. Àwọn oṣù tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Kò sí nǹkan mìíràn tí `january` tàbí `october` lè jẹ́, òǹkàwé á mọ̀ ọ́n bó o bá tiẹ̀ kọ ọ́ kékeré, ó kàn máa rò pé o kò bìkítà ni. Ṣùgbọ́n `may` àti `march` kékeré lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ọjọ́ tí a gé kúrú le bákan náà. `sat` túmọ̀ sí pé ènìyàn jókòó. `sun` ni oòrùn. `wed` ni ṣíṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí a bá kọ wọ́n ní kíkún, `Saturday`, `Sunday`, `Wednesday`, ìyẹn kò sí mọ́. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, `sat 2nd may` ni o kọ, ọ̀rọ̀ méjì tí fóònù ò lè mọ̀ pé orúkọ ni wọ́n ló tò tẹ̀ léra. Èmi á kúkú kọ `Saturday` tán. Lẹ́tà márùn-ún péré ló fi ju `Sat` lọ.

Akọ̀wé Ìjọ
Ohun tí Bàbá sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Nínú oṣù Kejì ni. Àwọn ọmọ wa tó máa ń yan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, èmi ni mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn òbí:

```
march practice starts next sat at 4
```

Yíyan ni mo ní lọ́kàn, mo sì kọ ọ́ ní kékeré bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó tó ìdajì àwọn òbí tó gbà pé ìdánrawò oṣù Kẹta ni, pé tí oṣù tuntun bá wọlé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ọmọ mẹ́fà ló wá. Mo rò ó lẹ́yìn náà. Ohun tó fa á ni pé èmi fúnra mi kì í gbé oṣù tóbi látẹ̀yìn wá. Mo ti kọ `january` àti `april` ní kékeré sí wọn títí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé `march` kékeré lọ́tẹ̀ yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀? Bí ènìyàn kì í bá lo lẹ́tà ńlá rárá, lẹ́tà kékeré rẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní ìbéèrè kan. `ma` àti `sir` ńkọ́? Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Èmi máa ń kọ `Sir` pẹ̀lú S ńlá sí àwọn alàgbà wa, ẹnìkan sì bá mi wí.

Bàbá Tíṣà
Akọ̀wé, nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ nínú ìwé, `sir` àti `ma` tó wà láàárín tàbí ìparí gbólóhùn ń kéré. Ibi tó ti ń tóbi ni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, `Dear Sir`, tàbí tí Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fi oyè dá ènìyàn lọ́lá, tí `Sir` wá lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, `ma` tí ọmọ wa kọ kò ní àléébù. Ìwọ̀nba tí mo máa ṣe ni kí n fi kọ́mà sáàárín òun àti `morning`.

Akọ̀wé Ìjọ
Mo gbọ́, Bàbá. Síbẹ̀, tí mo bá kọ `sir` kékeré sí alàgbà ẹni àádọ́rin ọdún ní ilẹ̀ wa níbí, ó lè rò pé mo rí òun fín. Èmi yóò ṣì máa gbé e tóbi fún wọn.

Bàbá Tíṣà
Mi ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Mi ò ní gbà á wọlé nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ.

Èdè_Abínibí
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ti Yorùbá kún un. Bí `I` ṣe ń tóbi níbi gbogbo nínú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí Mo wa tóbi níbi gbogbo. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Mo ń bọ̀." Èmi náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ wa náà sì gbọ́dọ̀ tóbi: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹjọ.

Bàbá Tíṣà
Ìkejì tọ̀nà, àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi. Nínú Yorùbá, "mo" tóbi níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nìkan. Láàárín gbólóhùn, kékeré ni, bíi "o" àti "wọ́n". Kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo tó lè sọnù, nítorí náà ohun tó fa ti Gẹ̀ẹ́sì kò dé ọ̀dọ̀ wa. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń bọ̀" ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń wọ inú ti Yorùbá yẹn.

Ti ọjọ́, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Ajé tí ó tóbi jẹ́ ọjọ́, ajé kékeré ni òwò àti owó tí à ń wá lójoojúmọ́. Ó jọ ọ̀rọ̀ `may` gan-an.

Èdè_Abínibí
Mo gbà bẹ́ẹ̀ nípa "mo". Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí a kọ "Ó ti ṣe é", ṣé ẹ máa ní kí Ó náà kéré láàárín gbólóhùn?

Bàbá Tíṣà
Ní ti ìyẹn, àṣà onígbàgbọ́ ni, ọ̀pọ̀ ló ń gbé e tóbi, ọ̀pọ̀ ni kì í gbé e. Èmi máa ń gbé e tóbi. Mi ò lè sọ pé ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ṣì í.

Ọmọ_Tákíè
Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá. Ohun kan ṣì rú mi lójú. Ẹ ní tí `the` bá ṣíwájú, kí oyè kéré. Kí ló dé tí mo ń rí `the Soun of Ogbomoso` nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú S ńlá?

Bàbá Tíṣà
O ronú síbi tó dára. Òfin `the` tí mo sọ wà fún oyè tó tún jẹ́ orúkọ iṣẹ́, tí ẹni púpọ̀ lè máa jẹ́: `doctor`, `pastor`, `principal`, `chief`. Fi orúkọ ènìyàn rọ́pò rẹ̀ nínú gbólóhùn. Tí gbólóhùn bá ṣì dúró, ó ń ṣe iṣẹ́ orúkọ, kó tóbi. `Please tell Mummy I am at Takie`: o lè fi orúkọ ìyá rẹ síbẹ̀, nítorí náà ó tóbi. `Please tell my mummy`: o kò lè fi orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé `my` bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó kéré.

Ṣọ̀ún ní tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn méjì ń ṣe. Ipò kan ṣoṣo ni, ti ìlú kan ṣoṣo, bí Aláàfin ṣe jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Ó ti di orúkọ fúnra rẹ̀. `The king` lè kéré, `the Soun` kì í kéré. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan ọ́: lórí àwọn oyè ńlá bíi gómìnà, àwọn ilé ìwé ìròyìn kò fẹnu kò, ọ̀kan á kọ `the governor`, òmíràn á gbé G tóbi. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o mú ọ̀kan, kí o má yí i padà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà.

Aláfóònù Sábó
Ọmọ_Tákíè, ẹ jẹ́ ká dé orí fóònù rẹ. Bóyá èyí tó ní kíbọọ̀dù Gboard ni. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ sí `Text correction`. `Auto-capitalization` kàn ń gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbólóhùn tóbi, kò mọ ọjọ́, kò mọ oṣù, kò mọ `i`. Èyí tó ń sọ `i` di `I`, tó ń sọ `tuesday` di `Tuesday`, ni `Auto-correction`. Ó dá mi lójú pé méjèèjì lo pa, torí `good` rẹ náà kéré.

Tan méjèèjì. Àmọ́ má fi ọkàn sí i pé ó máa rí `may`, `march`, `sat`, `sun` àti `wed`. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni gbogbo wọn ní kékeré, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀ tó lè tún ṣe. Àwọn márùn-ún yẹn, ojú rẹ ló gbọ́dọ̀ rí wọn. Tún ṣọ́ra fún àmì ìdánudúró: tó o bá kọ `Sat.` pẹ̀lú àmì yẹn, fóònù lè rò pé gbólóhùn ti parí, kó gbé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e tóbi, o á wá rí `Sat. Morning`.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Gbogbo wàhálà yìí, ẹ ò rí i pé tèmi rọrùn jù? Lẹ́tà ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Akọ̀wé Ìjọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. `MAY` àti `MAY` ń jọra nígbà náà, `MARCH` àti `MARCH` bákan náà. Ṣe lẹ tún da ohun tí a ń yà sọ́tọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá sì rí odidi àtẹ̀jíṣẹ́ ní lẹ́tà ńlá máa ń rò pé wọ́n ń pariwo mọ́ òun ni.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Mi ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ni mo sábà máa ń kọ̀wé sí ní oko, ojú wọn kò ríran dáadáa. Tí mo bá kọ kékeré, wọn kì í lè kà á.

Aláfóònù Sábó
Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá tún dé oko, ẹ gba fóònù wọn, ẹ wọ `Settings`, ẹ wá `Font size` lábẹ́ `Display`, kí ẹ fà á tóbi dé òpin. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa tóbi fún wọn, yálà ńlá ni tàbí kékeré. Ẹ lè wá máa kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà
Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ. Màá ṣe é.

Ọmọ_Tákíè
Mo ti tan méjèèjì. Ohun tí mo tún kọ nìyí, mo fi ojú wá igi kúkúrú, mo sì wá àwọn márùn-ún yẹn bí ẹ ṣe ní kí n ṣe:

```
Good morning, ma. I am the one who came on Tuesday.
The principal, Mrs O., said I should come back in May.
Please, can I come on Saturday, 2nd May?
```

Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Bàbá, ṣé ó yẹ kí n bẹ màmá náà kí n tó béèrè ọjọ́? Aláfóònù, Yorùbá mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́: mo tẹ `wa`, ó sọ ọ́ di `was`.

Bàbá Tíṣà
Kò sí lẹ́tà tí mo máa fọwọ́ kàn níbẹ̀. Kọ ìlà ẹ̀bẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, kó kúrú, má ṣàlàyé fóònù fún wọn.

Aláfóònù Sábó
Fi Yorùbá kún kíbọọ̀dù rẹ: wọ `Languages`, tẹ `Add keyboard`, mú `Yoruba`. Lẹ́yìn ìyẹn, tí o bá fẹ́ kọ Yorùbá, tẹ ibi gígùn tí à ń fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, kí o mú èdè. Tí o bá fẹ́ kọ sí ilé-ìwé, wo ibẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ `English` ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló wà níbẹ̀, má retí kó bá ọ sọ `i` di `I`.

Ọmọ_Tákíè
Ó ti ṣiṣẹ́. Mo fi ìlà ẹ̀bẹ̀ náà kún un, mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Tí èsì bá dé, màá sọ fún yín.